Ìwọ̀n ooru ilẹ̀ àti híhù irúgbìn

Ìwọ̀n ooru ilẹ̀ ni bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó ní ibi tí irúgbìn wà gan-an. Ó wà lára ohun tó ń pinnu bóyá irúgbìn yóò hù, bí yóò ṣe tètè hù tó, àti mélòó ni yóò hù nínú èyí tí a gbìn. Irúgbìn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìsàlẹ̀ tí kì í hù bí ilẹ̀ bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ̀n tó bá a lára mu jù lọ, àti ìwọ̀n òkè tí híhù yóò dáwọ́ dúró bí ooru bá kọjá rẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, ìwọ̀n ìsàlẹ̀ ni àgbẹ̀ máa ń ṣọ́. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ, ìwọ̀n òkè ló yẹ kí a ṣọ́. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tó sábà máa ń wà lára páálí irúgbìn tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Faransé, pé kí a dúró kí ilẹ̀ móoru kí a tó gbìn, kò wúlò níhìn-ín, torí pé ilẹ̀ ti móoru tó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀.

Ọ̀pá ìwọ̀n ooru àti ohun tó ń sọ

Ọ̀pá ìwọ̀n ooru ilẹ̀ jẹ́ irin tín-ín-rín tí a ń tì bọ ilẹ̀, tó ní ojú tí a ti ń ka nọ́ńbà lórí. Nọ́ńbà náà kò sọ ju bí ooru ṣe rí ní ibi tí ìdí irin wà, ní wákàtí tí a kà á. Lójú ilẹ̀, ooru máa ń ga jù lọ́sàn-án, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ jù ní ìdájí, nígbà tí oòrùn fẹ́ẹ́ yọ. Bí a bá ṣe ń wọ inú ilẹ̀ sí i ni ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru ń dín kù, tí àkókò tó gbóná jù sì ń pẹ́ sí i. Ní sẹ̀ǹtímítà 10, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kí ooru tó dé góńgó rẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìdí irin wà ní ibi tí irúgbìn yóò wà, kì í ṣe ibi tí ó rọrùn láti tì í dé. Lára ọ̀pá olójú bí aago, kì í ṣe ṣóńṣó nìkan ló ń gba ooru. Apá ìsàlẹ̀ irin náà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mélòó kan ló ń gbà á. Bí a bá tì í bọ ilẹ̀ ní òòró fún irúgbìn tí a fẹ́ gbìn lókè, yóò pa ooru òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, nọ́ńbà ọ̀sán yóò sì kéré ju ohun tí irúgbìn ń rí lọ. Kí a dá irin náà ní ìbú sínú ilẹ̀, lábẹ́ erùpẹ̀ díẹ̀, kí a ṣíji bo orí rẹ̀, kí a sì dúró títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi ní sún mọ́. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń sọ òótọ́, kí a tì í bọ omi tí yìnyín fífọ́ kún, kí a sì rò ó; ó yẹ kí ó fi 0 °C hàn. A kì í ka nọ́ńbà lẹ́yìn tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin ilẹ̀, torí omi náà ni yóò sọ̀rọ̀, kì í ṣe ilẹ̀.

Irúgbìn sàláàdì: ohun tí ooru ń ṣe sí i

Sàláàdì ni ewébẹ̀ tí nọ́ńbà ọ̀pá ń ṣàǹfààní fún jù lọ, torí pé ó wà lára àwọn irúgbìn tí ooru tètè ń dí lọ́wọ́. Ó máa ń hù dáadáa láàárín 15 sí 22 °C. Láàárín 28 sí 32 °C, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni kì í hù mọ́ tàbí tí díẹ̀ nínú wọn ń hù, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń kọ̀ yàtọ̀ láti irú sí irú. Irúgbìn náà kò kú, ó sùn ni. Awọ tín-ín-rín kan ló yí ọmọ inú rẹ̀ ká, ó sì gbọ́dọ̀ rọ̀ kí gbòǹgbò tó lè yọ. Nínú ooru, èròjà kan tó ń dá híhù dúró máa ń pọ̀ sí i nínú irúgbìn, awọ náà kì í sì í rọ̀. Bí ó bá pẹ́ nínú ilẹ̀ gbígbóná tí omi ti rin, oorun náà lè wọra débi pé kò ní jí kíákíá bí ilẹ̀ tilẹ̀ ti padà tutù.

Àkókò tí ooru ń ṣe irúgbìn yìí léṣe jù ni àwọn wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, ìyẹn kí gbòǹgbò tó yọ. Ohun tí a ń bi ọ̀pá ní ti sàláàdì, nígbà náà, ni bí ilẹ̀ yóò ṣe gbóná tó nínú àwọn wákàtí wọ̀nyẹn.

Àpẹẹrẹ kan láti Àjàṣẹ́

Ká ní olóko ẹ̀fọ́ kan ní Àjàṣẹ́ fẹ́ fún sàláàdì lóṣù Ẹrẹ́nà, ó sì ní ebè méjì. Èkíní wà nínú oòrùn gbangba, imọ̀ ọ̀pẹ tí a gbé sókè lórí igi sì ṣíji bo èkejì. Ó ka ọ̀pá ní sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì nísàlẹ̀. Lórí èkíní, ó rí 26 °C ní ìdájí, 38 °C ní aago méjì ọ̀sán, 33 °C ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àti 29 °C ní aago mẹ́wàá alẹ́. Lórí èkejì, ó rí 25, 31, 28 àti 27 °C ní àwọn wákàtí kan náà.

Bí ó bá wo nọ́ńbà ọ̀sán nìkan, yóò sọ pé kò sí ebè tó yẹ. Bí ó bá wo ti ìdájí nìkan, yóò sọ pé méjèèjì yẹ. Ìdáhùn tó tọ́ wà nínú nọ́ńbà alẹ́. Bí ó bá fún irúgbìn sórí ebè èkejì ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí ó sì bomi rin ín fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà náà, àwọn wákàtí eléwu náà yóò bọ́ sí òru, láàárín 28 àti 25 °C. Ní ebè èkíní, irúgbìn yóò mu omi nínú 33 °C, ilẹ̀ kò sì ní tutù tó kí ó tó di òru jíjìn. Bí ó bá bomi rin ebè náà láàárọ̀, ọ̀sán ni yóò bá irúgbìn náà. Síbẹ̀, 25 °C ga ju ibi tó tẹ́ irúgbìn yìí lọ́rùn. Irú tó ń fara da ooru ni kí olóko náà wá, kí ó má sì retí pé gbogbo rẹ̀ ni yóò hù.

Ìṣíji náà gbọ́dọ̀ ga díẹ̀. Sàláàdì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ láti hù, pàápàá nígbà tí ooru bá pọ̀, nítorí náà kí imọ̀ má fara lé ilẹ̀, kí erùpẹ̀ tí a fi bò ó má sì nípọn.

Bí ọjọ́ mẹ́fà tàbí méje bá kọjá láìsí ohun tó hù, kí a hú irúgbìn díẹ̀ jáde. Bí ó bá le, tí inú rẹ̀ sì funfun, ó sùn ni. Bí ó bá rọ̀ tó sì ń rùn, ó ti jẹrà. Bí a kò bá rí i rárá, ó ṣeé ṣe kí èèrà ti kó o lọ. Láti dá irúgbìn láre tàbí lẹ́bi, kí a wé díẹ̀ láti inú páálí kan náà sínú aṣọ tútù, kí a gbé e sínú fíríìjì, kì í ṣe ibi tí omi ti ń dì, fún ọjọ́ kan sí méjì, kí a sì gbé e síbi tó tutù nínú ilé lẹ́yìn náà. Bí ó bá hù, irúgbìn kò ní ẹ̀bi; ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ilẹ̀ ló gbóná jù.

Àgbàdo àti ẹ̀wà

Àgbàdo fẹ́ràn ooru ju sàláàdì lọ: ìwọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ 10 °C, ó ń hù dáadáa ní nǹkan bí 30 °C, ó sì ń di dandan kí ó kọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá kọjá 40 °C dáadáa. Lórí ilẹ̀ pupa Kétu, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àkọ́kọ́, bí ọ̀pá bá fi 36 °C hàn ní sẹ̀ǹtímítà 5 lọ́sàn-án, ìyẹn kò tó láti dá gbígbìn dúró bí ilẹ̀ bá tutù fún òjò. Ilẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ oòrùn gbangba ni ooru rẹ̀ máa ń kọjá ààlà, àìsí omi ló sì sábà ń ba àgbàdo jẹ́ ṣáájú ooru fúnra rẹ̀. Ìwádìí tí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tó wà ní Ìbàdàn, ṣe ní àwọn ọdún 1970 fi hàn pé koríko tí a fi bo ilẹ̀ máa ń dín ooru ọ̀sán kù nínú oko àgbàdo. Ẹ̀wà náà jẹ́ ohun ọ̀gbìn olóoru, ọ̀nà kan náà ni a sì lè gbà ka ọ̀pá fún un.