Àpilẹ̀kọ àlejò nínú ìwé ìròyìn oníṣẹ́: kí ló túmọ̀ sí?

Àpilẹ̀kọ àlejò ni èyí tí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn kọ, tí olóòtú gbà, tó sì gbé jáde lórúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ìwé ìròyìn oníṣẹ́ sì ni èyí tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ kan náà ń kà, bí àwọn ọlọ́sìn adìyẹ tàbí àwọn apoògùn. Òǹkọ̀wé kì í sanwó, wọn kì í sì í sábà san fún un. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó kó tó jáde, ìpolówó lẹ ń rà yẹn, ó sì yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ìpolówó ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ń to iná sólà àti ínfátà n'Ìbàdàn. Onílé ni gbogbo oníbàárà rẹ̀. Ó wá fẹ́ kí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin adìyẹ mọ òun. Àwọn yẹn kì í ka ohun tí àwọn oníná ń kọ. Ìwé ìròyìn ọlọ́sìn ni wọ́n ń kà, ibẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ lọ bá wọn.

Orí àkọlé ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Bó bá kọ “Ìdí tí sólà fi dára”, olóòtú á dá a padà, torí ọjà ni èyí ń kiri. Wàhálà ọlọ́sìn ni kó mú: ẹyin nílò ìgbóná tó tó 37.5 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì fún ọjọ́ 21, iná ìjọba kì í sì í dúró ọjọ́ 21. Àkọlé wá di “Bátìrì mélòó ló máa gbé ẹ̀rọ ìsàba mọ́jú?”

Kó ṣírò rẹ̀ lójú wọn. Ká ní ẹ̀rọ náà ń fa 200 wáàtì nígbà tó bá ń gbóná, tó sì ń sinmi ní ìdajì àkókò. 100 wáàtì ló ń jẹ ní ìpíndọ́gba nìyẹn. Láàárín wákàtí 10 lóru, ó di 1,000 wáàtì-wákàtí. Ínfátà fúnra rẹ̀ náà á jẹ tirẹ̀, a ó sì sún un sí bí 1,180. Bátìrì olómi fóltì 12 tó jẹ́ 100 áńpù-wákàtí ń gba 1,200, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fà á kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kì í pẹ́ kú. 600 péré la lè lò nínú rẹ̀. Bátìrì méjì ló máa gbé e, díẹ̀ báyìí ló sì máa ṣẹ́kù. Kò dárúkọ ọjà kankan, síbẹ̀ ẹni tó kà á dé ibẹ̀ ti mọ ẹni tó yẹ kóun pè.

Kó má tíì kọ gbogbo rẹ̀. Kó kọ́kọ́ ka ìlànà tí ìwé ìròyìn náà gbé kalẹ̀ fún òǹkọ̀wé, kó wá fi ímeèlì kúkúrú, bí ọ̀rọ̀ 150, ránṣẹ́ sí olóòtú: àkọlé, ìṣòro tó kàn òǹkàwé, ohun mẹ́ta tí àpilẹ̀kọ náà máa dáhùn, gbólóhùn kan nípa ara rẹ̀, àti ọjọ́ tó lè parí rẹ̀. Olóòtú kan lẹ́ẹ̀kan ni o. Bí méjì bá gbà á lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan á bínú, kò sì ní gba tirẹ̀ mọ́. Bí ọjọ́ 10 bá kọjá láìsí èsì, kó rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kó tó lọ síbòmíì. Ìwé olóṣooṣù tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà sábà máa ń ṣètò oṣù méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá dá lórí òtútù ọyẹ́, tó ń mú kí ẹ̀rọ ìsàba jẹ iná sí i, oṣù kẹsàn-án ni kí ímeèlì ti lọ.

Ìsàlẹ̀ àpilẹ̀kọ ni wọ́n ti ń fún un ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta nípa ara rẹ̀ àti ìlínkì kan. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìlínkì yìí ṣòfò sórí ojú ewé àkọ́kọ́ wọn, níbi tí ọlọ́sìn á ti bá àwòrán òrùlé ilé, tí á sì padà. Ojú ewé tó ní ìṣirò bátìrì fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ ìsàba ló yẹ kó gbé e lọ, kó sì sàmì sí ìlínkì náà kó lè mọ iye ẹni tó tibẹ̀ wá:

```
?utm_source=iwe-adiye&utm_medium=alejo
```

Àmì yìí kò wúlò lórí bébà. Nọ́ńbà fóònù ọ̀tọ̀ ló máa fi mọ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ bá ń tẹ ìlínkì ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò béèrè nípa ẹ̀rọ ìsàba, ojú ewé tó gbé wọn lọ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá sì fẹ́ gbé àpilẹ̀kọ náà sórí ìkànnì tirẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ olóòtú kó tó ṣe é; àwọn míì ò ní gbà rárá, àwọn míì á ní kó jẹ́ kí ìgbà díẹ̀ kọjá.