Àtúnwáyé: ìgbàgbọ́ Íńdíà àti ìpadàbọ̀ àwọn baba ńlá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Àtúnwáyé (a tún ń pè é ní àtúnwá tàbí ìpadàwáyé) ni ìgbàgbọ́ pé ẹni tó ti kú lè padà wá sáyé nínú ara mìíràn. Ó jẹ́ òpómúléró nínú àwọn ẹ̀sìn tó ṣẹ̀ ní Íńdíà: ẹ̀sìn Híńdù, ti Búdà, ti Jéènì àti ti Síkì. Ó tún wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tó ti so mọ́ ìdílé àti àwọn òkú ọ̀run. Orúkọ kan náà la fi ń pe méjèèjì, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn yàtọ̀. Ní Íńdíà, wọ́n á béèrè ohun tí ẹni náà ṣe láyé àná tó fi wá báyìí. Láàrin Yorùbá, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó dé.

Yíya ọmọ láàrin Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò jù ni "yà". Níbi òkú àgbà, àdúrà tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn ọmọ olóòkú ni pé kí bàbá yà lọ́wọ́ wọn. Bí ọmọ tuntun bá wá jọ bàbá náà ní ojú, ní ìrìn tàbí ní àmì ara, wọ́n á ní bàbá ló yà. Ibẹ̀ ni orúkọ bíi Babátúndé, Babájídé, Yétúndé àti Ìyábọ̀ ti wá. Àwọn ìdílé tó ń bọ Ifá kì í fi ìrísí nìkan mọ̀ ọ́n: wọ́n á gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ babaláwo fún àkọsẹ̀jayé kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, babaláwo á sì wo ẹni tí ọmọ náà jẹ́ àti èèwọ̀ tí yóò pa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Bàbá àgbà kú lóṣù kẹta. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí ọkùnrin lóṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà. Ẹni tó bá ṣírò á rí i pé oyún náà ti wà nínú nígbà tí bàbá ṣì ń jẹun láyé. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa tìtorí èyí kọ̀ láti pe ọmọ náà ní Babátúndé, nítorí pé ikú bàbá ṣáájú ìbí ọmọ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ìgbà tí oyún dúró. Bí àbúrò ọmọ náà tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bá tún jọ bàbá àgbà, wọ́n lè sọ pé bàbá yà níbẹ̀ náà. Bàbá kò sì tìtorí gbogbo èyí kúrò lọ́run. Wọ́n ṣì ń lọ sídìí ojú oórì rẹ̀, eégún rẹ̀ ṣì ń jáde. Ọ̀rọ̀ ìdágbére tí wọ́n fi sìn ín ní kó má jẹ ọ̀kùn, kó má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó máa bá wọn jẹ. Ẹni tí wọ́n retí pé yóò máa gbé ọ̀run ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro yìí ni E. Bọ́lájí Ìdòwú, onímọ̀ nípa ẹ̀sìn Yorùbá, tọ́ka sí ní 1962, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Olódùmarè. Ó ní bí òkú bá lè wà lọ́run ní pípé, tó sì tún lè yà lọ́dọ̀ ọmọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a kò lè pè é ní àtúnwáyé gidi. Ó ní ó jọ àtúnwáyé ni. Àlàyé tó dà bí ẹni pé ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ni pé ìwà, ìrísí àti àṣẹ bàbá ló ń yà, nígbà tí orí tí ọmọ kúnlẹ̀ yàn jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí Babátúndé fi lè ní orí tó yàtọ̀ pátápátá sí ti bàbá àgbà.

Àbíkú àti àkúdàáyà kò sí lára èyí. Ọmọ kan náà ni àbíkú tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ìyá kan, ẹnikẹ́ni kò sì gbàdúrà pé kó yà. Ẹni tó kú láìtọ́jọ́ ni àkúdàáyà, tí wọ́n ní ó ń gbé nílùú mìíràn pẹ̀lú ara rẹ̀ àtijọ́. Kò sẹ́ni tó tún un bí.

Ilẹ̀ Íńdíà

Ọ̀kan lára àlàyé tó pẹ́ jù wà nínú Upaníṣádì Ṣandógyà, ìwé mímọ́ Híńdù kan tó ti wà ṣáájú ẹ̀sìn Búdà tàbí ní àkókò tó sún mọ́ ọn. Níbẹ̀, ọba kan ń kọ́ baba kan ní ọ̀nà méjì tí òkú ń gbà. Àwọn tó ní ìmọ̀ á gba ọ̀nà àwọn òrìṣà, wọn kò ní padà. Àwọn tó kàn rúbọ, tí wọ́n sì ṣoore, á gba ọ̀nà àwọn baba: wọ́n á bá èéfín lọ dé òṣùpá, wọ́n á bá òjò rọ̀ padà, wọ́n á hù bí ìrẹsì àti ọkà báálì, ọkùnrin tó bá jẹ ẹ́ á sì fi í sínú obìnrin. Ẹni tí ìwà rẹ̀ dára á wọ inú ilé rere. Ẹni tí tirẹ̀ burú lè wọ inú ajá tàbí ẹlẹ́dẹ̀. Ìwà yìí ni wọ́n ń pè ní kámà. Àyípo ìbí àti ikú ni sansárà, ìtúsílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ sì ni mókṣà. Níbi tí Yorùbá ti ń bẹ òkú pé kó padà wá, ẹ̀mí tó gbọ́n ní Íńdíà ń wá bí kò ṣe ní padà mọ́.

Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà gba kámà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé ọkàn kan wà tó ń lọ láti ara sí ara. Àpèjúwe wọn ni iná tí a fi àtùpà kan tàn sára òmíràn. Ìwé wọn àtijọ́ ní oyún kì í dúró àfi bí ẹni tó ń bọ̀ wáyé bá wà níbẹ̀ ní àkókò náà. Ní ìṣirò tiwọn, bàbá àgbà wa tó kú lóṣù kẹta ti pẹ́ jù láti wọ inú oyún tó ti dúró ṣáájú ikú rẹ̀.

Síbẹ̀ Íńdíà náà ní baba ńlá. Lẹ́yìn ikú, ọmọkùnrin Híńdù máa ń fi ìrẹsì tí wọ́n ṣù róbótó, tí wọ́n ń pè ní píńdà, bọ òkú fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí òkú lè ní ara ọ̀run. Ní nǹkan bí ọjọ́ kejìlá, wọ́n á da píńdà tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti baba rẹ̀, ti baba baba rẹ̀ àti ti ẹni tó ṣáájú wọn. Bí òkú bá ti wáyé padà níbòmíràn ńkọ́? Èsì kan nínú àwọn ìwé mímọ́ Híńdù tí wọ́n ń pè ní Puránà ni pé oúnjẹ náà á yí padà sí ohun tí ẹni náà ń jẹ níbi tó wà: bó bá di ẹran, á di koríko. Ìṣòro tí Ìdòwú rí lọ́dọ̀ Yorùbá nìyí, láti apá kejì.

Gananátì Obeyesékérè, onímọ̀ àṣà ẹ̀dá láti Sìrì Láńkà, dábàá ní 2002 pé àtúnwáyé ti ìdílé ni irú èyí tó kọ́kọ́ wà, àti pé ìgbà tí wọ́n fi èrè ìwà sí i ló di kámà. Ó fi Ìgbò wà lára àwọn tó fi ṣàpẹẹrẹ. Àbá náà mọ́gbọ́n wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá náà ní ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì, tí àwọn àgbà sì máa ń sọ pé ẹni tó bá dé ọ̀run àpáàdì kì í yà lọ́wọ́ ọmọ.

Àwọn yòókù

Ìgbò ń pè é ní ilo uwa, orúkọ bíi Ńnánná àti Ńnénná sì jọ Babátúndé àti Yétúndé. Ọgbanje wọn sún mọ́ àbíkú. Lójú àwọn Jéènì, kámà jẹ́ ohun tín-ín-tìn-ìn tó ń lẹ̀ mọ́ ọkàn gan-an bí eruku. Àwọn Síkì gba sansárà, wọ́n sì ní oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ló ń yọni.

Lónìí, ọ̀pọ̀ Kristẹni àti Mùsùlùmí ló ń jẹ́ Babátúndé. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohun tí orúkọ náà ń sọ kò ju pé bàbá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí wọn.