Ṣé owó orí ni aránṣọ ń sá fún?

Àgolo bísíkíìtì kan wà lábẹ́ tábìlì tí àǹtí mi ti ń gé aṣọ nílùú Ìbàdàn. Tíkẹ́ẹ̀tì ló kún inú rẹ̀: ti káńsù, ti ẹgbẹ́ aránṣọ, ti kíkó ilẹ̀, àti ti àwọn ọmọkùnrin kan tó máa ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ọ́fíìsì tó rán wọn. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé wọ́n ń sọ lórí rédíò pé àwọn bíi tirẹ̀ kì í san owó orí, kò bá mi jiyàn. Ó kàn gbé àgolo náà sórí tábìlì, ó ní kí n máa kà á.

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, pàápàá àwa tí wọ́n ń yọ owó orí lára owó oṣù wa ká tó fojú kàn án, ẹni tí kò forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ń sá fún owó orí ni. Wọ́n á tún ní bí ìjọba bá lè kó gbogbo wọn sínú ìwé, owó á ya wọlé, ọrọ̀ ajé á sì gbèrú. Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu. Apá kejì fi ẹ̀yìn ṣíwájú.

Ẹ kọ́kọ́ wo iye wọn. Nínú ìwádìí tí àjọ ìṣirò ìjọba Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023, ó lé ní 92 nínú 100 òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò sí nínú ìwé ìjọba: àgbẹ̀, alátẹ, ọlọ́kadà, onígbàjámọ̀, mẹkáníìkì, aránṣọ. Ẹni tó bá pè wọ́n ní olè owó orí, gbogbo orílẹ̀-èdè ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pè bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní aránṣọ kan ń jèrè 2,500 náírà lójúmọ́ kó tó san tíkẹ́ẹ̀tì kankan, tó sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù. Ìyẹn jẹ́ 65,000 lóṣù, 780,000 lọ́dún. Òfin owó orí tuntun ti Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, sọ pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju 800,000 náírà lọ kò ní san kọ́bọ̀ owó orí. Nítorí náà, bí aránṣọ wa bá tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lónìí, tó kọ gbogbo èrè rẹ̀ síwèé láìfi ohunkóhun pa mọ́, òdo ni gbèsè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká ní tíkẹ́ẹ̀tì 200 náírà péré ló ń já lójúmọ́. Láàárín ọdún kan, ó ti di 62,400 náírà, ìyẹn 8 nínú gbogbo 100 náírà tó jèrè. Ẹ wá fi wé òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń gba 1,200,000 lọ́dún. Òfin kò fọwọ́ kan 800,000 àkọ́kọ́. Ìdá 15 nínú 100 ló máa san lórí 400,000 tó kù, ìyẹn 60,000 náírà. Ìdá 5 nínú 100 owó rẹ̀ nìyẹn, kó tó di pé wọ́n yọ owó ìfẹ̀yìntì tó lè mú un dínkù sí i. Ẹni tó wà lẹ́yìn òde ló san jù. Mi ò tíì ka owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní fáàtì, ìdá 7.5 nínú 100, tí kọ́sítọ́ọ̀mù ti gbà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ àti òwú tó ti òkè òkun wá kí wọ́n tó dé ọjà. Iléeṣẹ́ ńlá lè béèrè irú owó bẹ́ẹ̀ padà lọ́wọ́ ìjọba. Kò sí ọ̀nà tí aránṣọ máa gbà béèrè tirẹ̀.

Èyí kò ní kí n sọ pé kò sí ẹni tó ń sá fún owó orí. Wọ́n wà o. Kọngílá tó ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta, oníṣòwò tó ń kó kọ̀ǹténà wọlé, lọ́yà àti dókítà tó ń gba owó tí kò kọ sínú ìwé kankan: ibẹ̀ ni owó wà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní lọ́yà tiwọn, àwọn alátẹ ò ní. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn alátẹ ni agbowó-orí máa ń tètè sáré sí.

Bóyá ẹnì kan á sọ pé, ó dáa, wọn ò sá. Ìforúkọsílẹ̀ ló nira. Ọ̀rọ̀ yìí ti lókìkí tipẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1980, Hernando de Soto, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Pẹ́rù, ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbìyànjú láti forúkọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kékeré kan sílẹ̀ nílùú Líímà láìgba ẹ̀yìn. Ọjọ́ 289 ni wọ́n lò. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìjọba ti gbà pé bí ìforúkọsílẹ̀ bá ti yá, tó sì pọ́ọ́kú, àwọn èèyàn á ya wọlé fúnra wọn.

Kùtọnu ni wọ́n ti wá dán an wò dáadáa, nítòsí wa níbí, láàárín àwọn oníṣòwò tí àwọn Nàgó, ọmọ ìyá wa, pọ̀ nínú wọn. Lọ́dún 2014, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ dá ipò tuntun kan sílẹ̀ fún oníṣòwò kékeré, tí wọ́n ń pè ní àǹtìrépùrẹ́náǹ. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì gba ju ọjọ́ kan lọ. Àwọn olùwádìí mú nǹkan bí 3,600 oníṣòwò nínú ìlú náà, wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ọ̀wọ́ kan. Wọ́n lọ bá ọ̀wọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n bá wọn kọ fọ́ọ̀mù. Ọ̀wọ́ kẹta gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìrànwọ́ láti ṣí àkáǹtì ní báńkì. Ti ọ̀wọ́ kẹrin tún ju ìyẹn lọ: wọ́n bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ àárín wọn àti agbowó-orí.

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n kà wọ́n. Nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n kàn ṣàlàyé fún, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fi nǹkan bí 10 nínú 100 ju ti àwọn tí wọn ò bá sọ nǹkan. Nínú ọ̀wọ́ tó gba gbogbo ìrànwọ́ pátá, ó jẹ́ nǹkan bí 16 nínú 100. Ẹ rántí pé ọ̀fẹ́ ni, tí wọ́n sì gbé e wá bá wọn nílé. Lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n rí fà wọlé, owó tí ètò náà ná lé ní 1,000 dọ́là, èyí tí owó orí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kò lè dí láé. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọjà àti èrè àwọn tó forúkọ sílẹ̀ kò lọ sókè ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ ní ọ̀nà tó ṣe é tọ́ka sí. Àkáǹtì báńkì wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n àkáǹtì kò di ẹ̀yáwó.

Kí ló fà á? Ẹ bi ara yín ní ohun tí ìwé ìjọba ń fún aránṣọ tí kò tíì ní. Bó bá fẹ́ owó, alájọ ń bọ̀ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Báńkì ní tirẹ̀ ń béèrè ìwé ilé àti onídùúró, ìwé orúkọ iṣẹ́ nìkan kò tó o. Bí oníbàárà bá kọ̀ láti sanwó, ẹgbẹ́ aránṣọ á pè é, wọ́n á dá ẹjọ́ náà ní ọjọ́ ìpàdé. Bí ọmọ iṣẹ́ bá sá lọ kó tó gba fíríídọ̀ọ̀mù, ẹgbẹ́ náà ni kò ní jẹ́ kí ọ̀gá mìíràn gbà á. Ilé ẹjọ́ kan ò lè ṣe é kíákíá bẹ́ẹ̀. Lọ́wọ́ kejì, ìbẹ̀rù kan wà tí kì í ṣe àròsọ: bí orúkọ rẹ bá ti wọ ìwé kan, ó lè jẹ́ kí agbowó márùn-ún mìíràn mọ ilé rẹ, nígbà tí kò sí èyí tó ní kí ti tẹ́lẹ̀ dúró.

Níbi tí nǹkan bá ti wà nínú ìwé náà, ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀. Ní Bràsíìlì, nínú ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, oníṣẹ́ adáṣe kékeré ń san ìdá 5 nínú 100 owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè náà, pẹ̀lú owó tín-ín-rín kan. Owó kan ṣoṣo ló ń san lóṣù, ó sì fi ń ní ẹ̀tọ́ sí owó ọjọ́ ogbó, owó àìsàn àti owó ìkúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ló ti wọ̀ ọ́. Owó tí wọ́n máa jẹ lọ́jọ́ ogbó ni wọ́n ń rà.

Ó wá ku ìdàgbàsókè. Ewu wà nínú kí iṣẹ́ 92 nínú 100 òṣìṣẹ́ wà ní ìta ìwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí wọ́n sọ pé ó wà ni ó wà. Ẹ wo bí iṣẹ́ ìránṣọ ṣe ń gbèrú. Àǹtí mi kọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n gba fíríídọ̀ọ̀mù, ọ̀kan ò dúró tì í. Kálukú ra ẹ̀rọ tirẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù sí ìtòsí. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọ ọmọ ni: igbó rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, ìdí kan ò sì ga ju èkejì lọ. Ṣọ́ọ̀bù márùn-ún ló wà níbi tí ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣì ń gé aṣọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń lẹ̀ bọ́tìnnì fúnra rẹ̀, ó ń tan jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ tí ogójì èèyàn wà, ẹnì kan á máa gé aṣọ ogún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan á máa rán ọrùn nìkan. Iye ẹ̀wù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú jáde lọ́jọ́ kan kò lè dọ́gba, owó tó ń wọlé fún un náà kò sì lè dọ́gba. Àìtóbi yìí ló ń dá ọrọ̀ ajé dúró. Ìwé kò lè wò ó sàn.

Rafael La Porta àti Andrei Shleifer, tí wọ́n kó ẹ̀rí láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ lọ́dún 2014, rí i pé ṣọ́ọ̀bù tí kò sí nínú ìwé kì í sábà di iléeṣẹ́ ńlá. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá, inú ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè bá ń là, ohun tó ń mú kí iṣẹ́ ìta dínkù ni pé iléeṣẹ́ ń gba àwọn èèyàn síṣẹ́ olówó oṣù, tí ọmọ aránṣọ sì rí iṣẹ́ tó dára ju ṣọ́ọ̀bù lọ.

Àwọn kan wà tí ìwé ń dí lọ́wọ́ lóòótọ́. Ní Kùtọnu, àwọn tó ti tóbi díẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí iṣẹ́ wọn ti ń jọ ti iléeṣẹ́, ló forúkọ sílẹ̀ jù. Àwọn wọ̀nyí ni ìjọba ì bá kọ́kọ́ lọ bá. Aránṣọ tí iléèwé fẹ́ gbé yúnífọ́ọ̀mù irínwó ọmọ fún, tí wọ́n sì ní kó mú ìwé orúkọ iṣẹ́ wá kí wọ́n tó lè sanwó, iṣẹ́ náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí abala ìwé kan.

Èyí ló ṣẹlẹ̀ sí àǹtí mi lọ́dún kan. Iléèwé náà gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Kó tó di ọdún kejì, ó ti forúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, ó fi férémù há ìwé rẹ̀ sára ògiri lókè tábìlì. Àgolo bísíkíìtì ṣì wà nísàlẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin òwúrọ̀ kò béèrè ìwé ara ògiri rí.