Kuwaṣiọ́kọ̀ àti Marásímọ́sì: Ìlà Kan Ṣoṣo Tó Ya Wọ́n Sọ́tọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní Adó-Èkìtì tó fẹ́ fi kuwaṣiọ́kọ̀ àti marásímọ́sì, àìsàn àìjẹunre-kánú méjì tó ń ṣe ọmọdé, wéra lè ya tábìlì tó ní ìlà mẹ́wàá, bíi irun, awọ, ikùn, ojú, ìwọ̀n, ọjọ́ orí. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé agbára àwọn ìlà náà kò dọ́gba. Ikùn ọmọ tó ní marásímọ́sì lè yọ síta nítorí aràn. Irun lè fẹ́lẹ́ nínú méjèèjì. Ìlà kan ló ń dájọ́, òun ló sì yẹ kó wà lókè pátápátá. Kí a má kàn kọ "ara wíwú" síbẹ̀ o. Ohun tí ọwọ́ lè dán wò ni kí a kọ.

| | Kuwaṣiọ́kọ̀ | Marásímọ́sì |
|---|---|---|
| Ẹsẹ̀ méjèèjì, lẹ́yìn títẹ̀ | Ihò kù síbẹ̀ | Kò sí ihò |
| Ẹran ara | Wíwú lè bo rírù mọ́lẹ̀ | Ó rù kan egungun, awọ ìdí rọ̀ jọwọrọ |
| Ojú | Ó lè wú roboto | Ó dà bíi ti arúgbó |
| Irun | Ó sábà máa ń pọ́n, ó ń tu | Ó lè fẹ́lẹ́ |
| Ìwọ̀n | Omi lè gbé e ga | Ó lọ sílẹ̀ gan-an |

Bí a ṣe ń dán ìlà àkọ́kọ́ wò rèé. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ òkè ẹsẹ̀ ọmọ náà, ọ̀tún àti òsì, fún ìṣẹ́jú àáyá 3, kí ẹ sì gbé e kúrò. Bí ihò bá kù sí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó jẹ́ àmì +. Bí wíwú náà bá dé ojúgun tàbí ọwọ́, ó di ++. Bí ó bá ti dé ojú, tí gbogbo ara wú, +++ ni. Fífi ojú wò kò tó rárá, torí ẹsẹ̀ ọmọ tó sanra náà máa ń kún, ṣùgbọ́n ihò kì í kù síbẹ̀.

Ká wo ọmọ oṣù 18 kan tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn ní Ìkẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ ti já a lẹ́nu ọmú nítorí oyún mìíràn, ògì lásán ló ń mu láàárọ̀, iyán àti ọbẹ̀ tí kò lẹ́ja ló ń jẹ lálẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 9. Téèpù aláwọ̀ mẹ́ta tí a wé mọ́ apá òsì rẹ̀, láàárín èjìká àti ìgúnpá, ka sẹ̀ǹtímítà 12.8. Àwọ̀ ewé nìyẹn, nítorí 12.5 ni àwọ̀ ewé ti bẹ̀rẹ̀; àìjẹunre-kánú tó le kì í tó 11.5. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé téèpù àti ìwọ̀n nìkan á ní kí ìyá náà máa gbé ọmọ lọ sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ihò kù sí méjèèjì. Ojúgun àti ojú náà wú. Wíwú ẹsẹ̀ méjèèjì irú èyí fúnra rẹ̀ ti tó láti pè é ní àìjẹunre-kánú tó le, ohun yòówù kí téèpù kà.

Ìlà yẹn náà ló ń pinnu iye wàrà ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní F-75. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò wú tó bẹ́ẹ̀ á gba mílílítà 130 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni tí wíwú rẹ̀ jẹ́ +++ á gba 100, nítorí omi wà nínú kílò tí a kà yẹn. Fún ọmọ wa yìí, mílílítà 900 ni, tí í ṣe 75 ní wákàtí méjì-méjì. Bí wọ́n bá fún un ní 1,170 bíi ti ẹlòmíràn, omi tó pọ̀ jù lè wọ ọkàn rẹ̀ lọ́rùn. Wọn kò sì gbọdọ̀ fún un ní oògùn tó ń múni tọ̀ kí wíwú náà lè lọ; oúnjẹ ìtọ́jú ni yóò mú un lọ.

Ohun kan ṣì wà tó ń dẹ́rù ba àwọn ìyá, àní àti àwọn òṣìṣẹ́ tuntun: ìwọ̀n ọmọ kuwaṣiọ́kọ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Omi ló ń jáde, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ bọ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún marásímọ́sì; bí ìwọ̀n tiẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, a gbọ́dọ̀ wá ohun tó fà á.

Ìlà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọmọ kan lè rù kan egungun, kí ihò sì wà lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ó ní àìsàn méjèèjì pọ̀ nìyẹn, kí a má fi dandan tì í sí apá kan tábìlì. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, egbò tàbí kòkòrò tó ta á la máa kọ́kọ́ wá. Bó bá jẹ́ ìpéǹpéjú ló kọ́kọ́ wú, pàápàá láàárọ̀, ó lè jẹ́ kíndìnrín, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá purotéènì wà níbẹ̀.