Ọjọ́ tí a ń ya fídíò ni ẹ́díìtì ti ń yá, kì í ṣe ọjọ́ tí a ra kọ̀mpútà tuntun

Bí ẹ bá bá ẹni tó ń gbé fídíò jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í pẹ́ tí á fi sọ fún yín pé kọ̀mpútà òun ló ń fa òun sẹ́yìn. Á ní bí òun bá rí èyí tó lágbára jù ú lọ rà, iṣẹ́ ọjọ́ méjì á di iṣẹ́ wákàtí mélòó kan. Èmi náà gba èyí gbọ́ tọkàntọkàn, mo sì ra tuntun. Ohun kan ṣoṣo tó yá sí i ni ìgbà tí iṣẹ́ bá ti parí tí mo fẹ́ sọ fídíò di fáìlì. Gbogbo ìyókù dúró bó ṣe wà.

Ohun tí kọ̀mpútà ń dá ṣe nínú ẹ́díìtì kò pọ̀ rárá. Ó ń ṣí àwòrán fún wa wò, ó sì ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fáìlì kan nígbẹ̀yìn. Bí àwòrán bá ń dúró, tó ń fò, bí ẹ ṣe ń wò ó, ẹ̀bi kọ̀mpútà nìyẹn, pàápàá bí fídíò náà bá jẹ́ 4K. Kódà, a lè yanjú ìyẹn láìra tuntun: ẹ ní kí áàpù ṣe ẹ̀dà kékeré tí yóò pè ní `Proxy`, kí ẹ sì fi ẹ̀dà náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá ń lọ geere tí iṣẹ́ kò sì tán, ọwọ́ yín ni àkókò ń bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú fídíò oníṣẹ́jú 8. Ẹnì kan jókòó síwájú kámẹ́rà, ó ń ṣàlàyé nǹkan, ó sì ń ṣe mẹ́rin irú rẹ̀ lóṣù. Gígé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun tó lè gba ìyẹn ṣe. Àmọ́ àwọ̀ ojú rẹ̀ tó fẹ́ tún ṣe, ariwo fáànù tó fẹ́ yọ kúrò lábẹ́ ohùn, orúkọ tó ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán, ìbẹ̀rẹ̀, ìparí, àti bí orin ṣe gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ tó, ohun kan náà ni wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìwọ̀nyí bá gba wákàtí kan lórí fídíò kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́rin ló ń fi ṣe iṣẹ́ kan náà lóṣù.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé torí kí wọ́n má baà máa to iná àti kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹrin ni. Ìyẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èrè tó tóbi jù wà lórí tábìlì ẹ́díìtì. Bí àwọ̀ àti ohùn fídíò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, ẹ ó tún ti àkọ́kọ́ ṣe dáadáa, ẹ ó dà á kọ, ẹ ó sì lo `Paste Attributes` lórí mẹ́ta tó kù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ ó jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ yà wọ́n.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ẹni náà wọ ẹ̀wù funfun fún fídíò kìíní, ó pààrọ̀ sí dúdú fún ìkejì kó lè dà bí ọjọ́ mìíràn. Kámẹ́rà tó ń pinnu ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ rí funfun púpọ̀, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Nígbà tó rí dúdú, ó fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ojú rẹ̀ wá mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Iná kan náà, àga kan náà, ojú ọ̀tọ̀ méjì. Fèrèsé tún ń dá kún un: ìmọ́lẹ̀ aago mẹ́wàá àárọ̀ kọ́ ni ti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìkùukùu kan tó sì kọjá lè yí àwọ̀ padà láàárín gbólóhùn.

Nítorí náà, ẹ fa kọ́tìnì bo fèrèsé, kí ẹ fi iná tó ń mọ́lẹ̀ bákan náà ṣiṣẹ́. Ẹ fi ọwọ́ yan ìmọ́lẹ̀ lórí kámẹ́rà, kí ẹ sì so àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, èyí tí kámẹ́rà ń pè ní `White Balance`, mọ́ nọ́ńbà kan, bíi 5600K bí iná yín bá jọ ti ọ̀sán. Lórí fóònù iPhone, ẹ tẹ ojú ẹni náà mọ́lẹ̀ títí `AE/AF LOCK` yóò fi hàn. Ní ti ohùn, ẹ fi máìkì sí ibì kan, kí ẹ má gbé e kúrò títí ẹ ó fi parí, kí ẹni náà sì sọ̀rọ̀ bó ṣe máa sọ ọ́ gan-an nígbà tí ẹ bá ń wo ìwọ̀n. Bí ohùn tó ga jù bá ń kan nǹkan bíi -12 dB, ó dára. Kí ẹ tó tú nǹkan ká, ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Òun lẹ ó fi dí àlàfo níbi tí ẹ bá ti gé ọ̀rọ̀, torí etí máa ń mọ̀ bí ariwo kékeré inú yàrá bá kàn dá lójijì.

Lẹ́yìn èyí ni fáìlì àwòṣe wá wúlò. Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe parí tí ẹ yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kúrò ni: ìbẹ̀rẹ̀ wà ní àyè rẹ̀, orin wà lábẹ́ ní ìwọ̀n rẹ̀, àyè orúkọ ń dúró de orúkọ. Ẹ má ṣí òun fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ láé, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣí. Nínú àyè àkọlé, ẹ kọ `ÀKỌLÉ SÍBÍ` ní lẹ́tà pupa gàdàgbà. Mo ti fi fídíò ránṣẹ́ sí oníbàárà rí tí àkọlé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà lórí rẹ̀, nítorí pé ó dára lójú, kò sí ohun tó pe àfiyèsí mi. Ẹ tún rí i pé iye àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bá ti kámẹ́rà mu. Bí àwòṣe bá wà ní 25, tí kámẹ́rà sì ń ya 30, àwòrán márùn-ún ni áàpù sábà máa ń jù sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí i bí ọwọ́ ẹni náà bá ń lọ sókè sódò: á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún.

Àmì, orin àti àwòrán tí ẹ ń lò léraléra gbọ́dọ̀ ní fóldà kan tí ẹ kò ní gbé kúrò níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ áàpù ẹ́díìtì kì í gbé fáìlì sínú ara wọn, ọ̀nà ibi tó wà ni wọ́n ń rántí. Ẹni tó fi orin sílẹ̀ nínú `Downloads`, tó wá tún ibẹ̀ tò, yóò bá `Media Offline` lójú fídíò rẹ̀. Bí àmì yín bá sì yí padà, ẹ má fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lórúkọ kan náà, torí àwọn iṣẹ́ àtijọ́ yóò gbé tuntun náà wọlé lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ṣí wọn. `ami_v2` tó.

Ẹ má ya ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ lóòjọ́. Ohùn máa ń rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé gbólóhùn tó tún sọ ní ìrọ̀lẹ́ sí àárín ohun tó sọ láàárọ̀, kí ẹ pa ojú dé, kí ẹ gbọ́ ọ. Bí ó bá dà bí ẹlòmíràn, kò sí `Paste Attributes` tó lè tún un ṣe.