Etí tó ń dunni tí wọ́n bá fà á: ihò etí ni àbí ẹ̀yìn ìlù etí?

Tí etí bá ń dun èèyàn, kí dókítà tó tan iná wo inú ẹ̀, á kọ́kọ́ rọra fa etí yẹn, á tún fi ìka tẹ ẹran kékeré tó yọ sẹ́nu ihò etí. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ lèèyàn ti ké yéè, a jẹ́ pé ó jọ pé ihò etí fúnra ẹ̀ ló wú, kì í ṣe ẹ̀yìn ìlù etí.

Ìdí ni pé eegun rírọ̀ tó wà nínú etí tá à ń rí níta ló wọlé lọ di ẹnu ihò etí, torí náà téèyàn bá fa ti òde, ti inú náà á fà, awọ tó bo inú ihò yẹn sì fẹ́lẹ́, ó lẹ̀ mọ́ eegun tímọ́tímọ́, tó bá wú kò ríbi wú sí. Ẹ̀yìn ìlù etí ní tiẹ̀, inú eegun orí ló fara pamọ́ sí, fífà ò dé ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀dọ́kùnrin kan tó lọ lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Omi dúró sí i létí, awọ ibẹ̀ rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ló bá ki kọ́tìn bọ́ọ̀dì bọ̀ ọ́ (àwọn míì á lo ìyẹ́ adìyẹ tàbí ìdérí báírò). Ohun tó rí bí epo tó ń dáàbò bo awọ ló ń kó jáde yẹn, ó tún ha awọ náà, kòkòrò àrùn bá ráyè wọlé. Tó bá fi máa di Mọ́ńdè, kò lè jẹ ẹran mọ́ torí pé bó ṣe ń jẹun ni etí ń ro ó.

Ti ẹ̀yìn ìlù etí yàtọ̀, àwọn ọmọ kéékèèké ló pọ̀ jù lára ẹ̀. Kátá ló sábà máa ń ṣíwájú ẹ̀, ọ̀nà tóóró tó so ẹ̀yìn imú mọ́ etí á dí, omi á gbára jọ, á di ọyún, ara ọmọ á gbóná, á máa sunkún lóru. Nígbà míì ìlù etí á lu, ọyún á tú jáde, ẹkún á sì dá wáí.

Oògùn wọn ò rí bákan náà o. Ti ihò etí, oògùn tí wọ́n ń kán sétí ló ń wò ó, kí omi má sì kan ibẹ̀, ańtíbáyótíìkì oníhóró kì í sábà wúlò. Ti ẹ̀yìn ìlù, ohun tí wọ́n bá kán sétí ò lè gba ara ìlù tí ò tíì lu wọlé, oògùn ìrora ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀, dókítà ló máa sọ bóyá ó nílò ańtíbáyótíìkì. Tí ìlù bá sì ti lu, ẹ má kàn ra ohunkóhun ní kẹ́míìsì kán sí i, torí àwọn kan bíi jẹntamáísìn lè ba agbára ìgbọ́ràn jẹ́.

Fífà yẹn náà lè tanni jẹ, torí ọyún tó ń tú láti ẹ̀yìn ìlù lè mú kí ihò etí wú tẹ̀ lé e. Tí ẹ̀yìn etí bá wá wú pupa, tó ń ti etí síwájú, tàbí tó jẹ́ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ìrora ẹ̀ ò jẹ́ kó sùn, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an.