Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kì í ṣe bákan náà lórí ẹ̀rọ ìtukọ̀

Bí ẹ bá dé jíìmù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ẹ̀rọ ìtukọ̀, ẹ ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ mẹ́wàá, èmi náà yọ mẹ́wàá, ọ̀mì la ta!” Ẹ̀gbọ́n kúrò ní 3:00, ó bọ́ sí 2:50. Àbúrò kúrò ní 2:10, ó bọ́ sí 2:00. Wọ́n ní eré tí wọ́n fi kún un dọ́gba. Irọ́ ni o.

Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń gbé jáde yìí kì í ṣe eré. Àkókò tí èèyàn máa fi parí mítà 500 ni, bó bá ń tukọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ eré rẹ̀ á sọ gbogbo àkókò náà di ìṣẹ́jú-àáyá, á wá fi pín 500.

Ti ẹ̀gbọ́n: 3:00 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 180, 500 ÷ 180 sì jẹ́ mítà 2.78 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 2:50 jẹ́ 170, ó fún wa ní 2.94. Ohun tó fi kún un ò ju 0.16 lọ. Ti àbúrò: 130 fún wa ní 3.85, 120 fún wa ní 4.17. Òun fi 0.32 kún tirẹ̀, ìlọ́po méjì ti ẹ̀gbọ́n. Ìdí ni pé mẹ́wàá tí a yọ nínú 130 jẹ́ ìpín tó tóbi ju mẹ́wàá tí a yọ nínú 180 lọ.

Ọ̀rọ̀ agbára ló wá le jù. Ìlànà tí ẹ̀rọ Concept2 ń lò nìyí, tí v jẹ́ eré, tí W sì jẹ́ agbára ní wáàtì:

```
W = 2.80 × v × v × v
```

Ẹ̀gbọ́n gbéra láti nǹkan bíi wáàtì 60 dé 71. Àbúrò gbéra láti 159 dé bíi 203. Mọ́kànlá péré lẹ̀gbọ́n fi kún tirẹ̀. Àbúrò fi ju ogójì lọ. Abájọ tí àbúrò fi ń mí hẹlẹhẹlẹ tí ẹ̀gbọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Ibi tí ìṣirò máa ń bàjẹ́ ni kókó méjì tó wà láàárín nọ́ńbà náà. Ẹlòmíì á ka 2:30 bíi pọ́ìntì, á tẹ 2.30 × 60 sórí fóònù, á rí 138, á sì gbà pé eré òun jẹ́ 3.62. Ìdajì ìṣẹ́jú ni 30 yẹn. Ìṣẹ́jú-àáyá 150 ni gbogbo rẹ̀, eré rẹ̀ sì jẹ́ 3.33. Ẹlòmíì á yọ kókó náà dànù, á fi 230 pín 500, á rí 2.17. Èsì méjèèjì jọ òótọ́ lójú, ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n fura. Fún 2:30, ẹ fi eré tí ẹ rí ṣe ìlọ́po 120 tó jẹ́ ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tún fi ṣe ìlọ́po 30 tó ṣẹ́kù, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀: bí kò bá tó bíi 500, tàbí tó kọjá rẹ̀, ẹ ti ṣì í kà.